Fẹ́tọ̀ méjì kò tó ẹ̀rí

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, W ni gbogbo (x, y, z) tí x + 2y − z = 0. Wọ́n ní kí n fi hàn pé W jẹ́ ọmọ ààyè fẹ́tọ̀. Mo fi (1, 1, 3) àti (2, 0, 2) dán an wò, ó bọ́ sí i, síbẹ̀ òdo ni wọ́n fún mi. Kí ló dé?"

Àbúrò, fẹ́tọ̀ inú W kò lóǹkà, méjì péré lo sì yẹ̀ wò. Ẹni tó tọ́ ọsàn méjì wò ní ọjà Tákíé kò tíì mọ adùn gbogbo apẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ni kó o lò.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ àkójọ di ọmọ ààyè fẹ́tọ̀: kí òdo wà nínú rẹ̀, kí àròpọ̀ fẹ́tọ̀ inú rẹ̀ méjì ṣì wà nínú rẹ̀, kí fẹ́tọ̀ inú rẹ̀ tá a fi nọ́ńbà sọ di púpọ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ti òdo kò le: 0 + 2(0) − 0 = 0, ó wà nínú W. Fún àròpọ̀, mú u = (a, b, c) àti v = (d, e, f), èyíkéyìí nínú W. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé a + 2b − c = 0, pé d + 2e − f = 0. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fo ibí yìí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni gbogbo ẹ̀rí náà dúró lé. Tó o bá wá ro u àti v pọ̀, wàá rí (a + d) + 2(b + e) − (c + f). Tún un tò: (a + 2b − c) + (d + 2e − f) = 0 + 0 = 0. Fún ìsọdipúpọ̀, fi nọ́ńbà k èyíkéyìí sọ u di púpọ̀: ka + 2kb − kc = k(a + 2b − c) = 0, ì báà jẹ́ pé k kéré sí òdo.

Ìgbà tó o bá fẹ́ fi hàn pé àkójọ kan *kì í ṣe* ọmọ ààyè fẹ́tọ̀ ni àpẹẹrẹ kan ṣoṣo tó. Wo àwọn (x, y) tí xy = 0: òdo wà níbẹ̀, ìsọdipúpọ̀ kò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n (1, 0) + (0, 1) = (1, 1), 1 × 1 kì í sì í ṣe òdo.