Béárìn Mopa láti Kábà: ibi tí 148° ti wá

Ìbéèrè: "Wọ́n ní ká wá béárìn Mopa láti Kábà lórí máàpù. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, mo gba 148°. Tíṣà ní 328° ni. Níbo ni mo ti ṣì í?"

Ìdáhùn: Mopa lo dúró sí tó o fi wọ̀n ọ́n. Ìlú tó bá tẹ̀lé "láti" lo máa dúró sí. Fa ìlà àríwá gba orí Kábà, fa ìlà míì láti Kábà dé Mopa, kí o sì gbé àárín purotírátọ̀ lé Kábà gan-an. Láti ìlà àríwá ni kí o ti ka igun náà, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, títí tó fi kan ìlà Mopa.

Ohun tó tú àṣírí rẹ ni pé 148 àti 328 fi 180 jura lọ. Bí ìdáhùn rẹ bá fi 180 gẹ́ẹ́ yàtọ̀, ìlú tí kò yẹ lo dúró sí.

Ká ní 32° lo gbà ni, apá òsì lo kà á sí. Purotírátọ̀ ìlàjì kì í kọjá 180, òun ló máa ń fa ìyẹn (ó ti jẹ máàkì tèmi rí). Yọ 32 kúrò nínú 360, wàá rí 328.

Kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀, ro ọ̀nà yẹn wò. Tí o bá gbéra ní Kábà láàárọ̀ lọ sí Mopa, oòrùn á wà lẹ́yìn rẹ, lápá ọ̀tún, torí àríwá ìwọ̀-oòrùn lò ń lọ. Gúúsù ìlà-oòrùn ni 148° kọjú sí.