Páálí indomí mélòó ló yẹ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù próvísọ̀n n'Íbàdàn. Ẹni tó ń já ọjà fún mi ní kí n kó indomí páálí 30 lẹ́ẹ̀kan, òun á yọ 300 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun lè kó o fún mi láwìn náà. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ta páálí kan. Ṣé kí n gbà? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni?

Ìdáhùn: Ẹ má kó 30. Márùn-ún ló tó yín.

Ká ní bí ẹ bá pè é lónìí, ọ̀túnla ni ọjà máa dé. Kó tó dé, ẹ ó ti ta páálí kan. Ẹ fi páálí kan sí i, nítorí ọkọ̀ lè bàjẹ́ lọ́nà, òjò sì lè dá a dúró. Nítorí náà, nígbà tó bá ku páálí méjì nílẹ̀ ni kí ẹ pè é, kí ẹ ní kó gbé mẹ́rin wá, torí mẹ́ta àbọ̀ lẹ ń tà lọ́sẹ̀. Nígbà tí mẹ́rin yẹn bá máa fi dé, ọ̀kan ló máa kù lórí pẹpẹ, márùn-ún pérépéré. Ẹ tún ìṣirò yìí ṣe bí àwọn ọmọ bá fẹ́ wọlé padà sílé ẹ̀kọ́, pàápàá àwọn tó ń gbé nínú ọgbà ilé ìwé, nítorí ọjà á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Páálí 30 á gbà yín ní ọgọ́ta ọjọ́. Ká ní 10,000 náírà ni páálí kan. Ẹ̀dínwó tó fẹ́ ṣe fún yín jẹ́ 9,000 náírà lápapọ̀, àmọ́ nǹkan bí 250,000 náírà tí ẹ kò tíì nílò láti ná ló máa jókòó sínú páálí. Bí ẹ bá fi owó yẹn ra ọṣẹ, ṣúgà àti mílíìkì táwọn èèyàn ń béèrè tí wọn ò rí, tí ẹ ń jèrè náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún, tó sì tà tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, 12,500 lẹ jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Eku ò sì ní ráyè jẹ páálí yín. Bí ó bá dá yín lójú pé owó ọjà fẹ́ lọ sókè, tí owó tí ẹ ò ní lò sì wà lọ́wọ́, ẹ lè kó ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò gbọ̀dọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwìn, ẹ bi í ní iye owó méjì: tí mo bá san lọ́wọ́, èló ni? Tí mo bá san lọ́sẹ̀ méjì, èló ni? Bí ti àwìn bá fi 400 náírà ju ti ọwọ́ lọ, tí 800 sì ni èrè yín lórí páálí, ìdajì èrè ti lọ nìyẹn. Ọjà tó máa tà tán kí ọjọ́ ìsanwó tó pé nìkan ni kí ẹ gbà láwìn. Páálí mẹ́rin á tán lọ́jọ́ mẹ́jọ, ìyẹn dára. Ọgbọ̀n á sọ yín di onígbèsè kí ẹ tó tà á dé ìdajì.

Èrè àwọn tó ń tà á lọ́pọ̀ kéré lórí páálí kan, nítorí náà ẹ má fi gbogbo agbára yín dúnàádúrà lórí owó ọjà. Ẹ bèèrè ohun tó rọrùn fún un láti gbà: kí òun san owó ọkọ̀, kí ó sì pààrọ̀ èyí tó bá fọ́ tàbí tí déètì rẹ̀ ti fẹ́ kọjá, bí ẹ bá ké sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì níṣojú rẹ̀.

Kí ẹ tó fọkàn tán an, ẹ wo ibi tó ń tà á. Ṣé ìsọ̀ rẹ̀ wà lójú kan? Ṣé orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó ní kẹ́ ẹ sanwó sí bá ti orí rìsíìtì mu? Ẹ kọ́kọ́ ra páálí kan tàbí méjì. Ẹ wo téèpù ẹnu páálí: bí téèpù méjì bá lẹ̀ lórí ara wọn, tàbí tí awọ páálí ti ṣí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti tú u rí. Ẹ ka 40 inú páálí oní-gíráàmù 70, kí ẹ sì wo déètì lára ọ̀rá inú, kì í ṣe lára páálí nìkan. Bí òróró kẹ́ẹ̀gì lítà 25 bá wà nínú ohun tí ẹ ń rà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: òróró inú rẹ̀ yẹ kó tó nǹkan bí kílò 23, yàtọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì. Bí ó bá jẹ́ 20, wọ́n ti gé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù pè é fún ọjà ẹlẹ́ẹ̀kejì, láìlọ síbẹ̀. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bákan náà, nítorí ọ̀pọ̀ ló máa ń fún ni lójúlówó nígbà àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà wà lára páálí. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ bèèrè ẹni tó ń já ọjà wọn ní àdúgbò yín. Ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni yẹn náà, kí ẹ lè máa mọ iye tí páálí ń lọ gan-an lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.