Ìtumọ̀ hítì-sítọ́ọ̀pù, àti ibi tí kámẹ́rà gbígbọ̀n ti yàtọ̀ sí i

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn tó ń ṣe géèmù ń pè ní hítì-sítọ́ọ̀pù, kí ló sì yà á sọ́tọ̀ sí kámẹ́rà gbígbọ̀n? Mo fi méjèèjì sí géèmù ìjà mi, síbẹ̀ kùmọ̀ náà fúyẹ́, àwọn tó ń gbá a sì ní àwọn kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ìdáhùn: Hítì-sítọ́ọ̀pù ni ìdúró ráńpẹ́ tó máa ń wáyé ní àkókò náà gan-an tí ohun ìjà bá kan ara: ẹni tó na ọwọ́ dúró digbí, ẹni tí a lù náà dúró, lẹ́yìn èyí ni ìjà tó tẹ̀ síwájú. Àwọn tó ń gbá Super Smash Bros. a máa pè é ní hítì-láàgì. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ìjà, a máa ń wí pé, “ó la kùmọ̀ mọ́ ọn lórí, gbàgà!”, a ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí a tó sọ bí ó ṣe ṣubú. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni. Kùmọ̀ tó bá kọjá lára ọ̀tá láìdúró, bí ẹni fi ọwọ́ la afẹ́fẹ́ ni ojú ń rí i, ariwo yòówù kí a fi tì í. Kámẹ́rà gbígbọ̀n ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa àwọn méjì tó ń jà. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé ló ń ròyìn. Ó jọ pé ẹ ti gbé iṣẹ́ ìdúró lé kámẹ́rà lọ́wọ́.

Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nínú géèmù kékeré kan tí mo ṣe, tó ń sáré ní fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mo fún kùmọ̀ ní ìdúró fírémù 2 péré, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà fò tó píkísẹ́lì 30 lórí ojú ìran tó fẹ̀ ní 1280. Nígbà tí mo ká a sílẹ̀, tí mo sì ń wò ó ní fírémù kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé fírémù tí kùmọ̀ fi kan orí ni kámẹ́rà fi sá lọ, nítorí náà kò sí ojú tó lè bá a. Mo yí i padà. Ẹ̀ṣẹ́ gba ìdúró fírémù 3, kùmọ̀ gba 9, èyí tí í ṣe 0.15 ìṣẹ́jú àáyá. Ní gbogbo fírémù 9 yẹn, kámẹ́rà kò mira. Ẹni tó lu ọ̀tá dúró bí ère, ẹni tí a lù nìkan ló ń gbọ̀n ní píkísẹ́lì 2 tàbí 3, bó ṣe rí nínú Super Smash Bros. Ìgbà tí ìdúró parí tí ọ̀tá sì fò ni kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ ta sí ìhà tí kùmọ̀ ń lọ, ó sì rọlẹ̀ kí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé.

Ní ti bí yóò ṣe gbọ̀n tó, ọ̀nà tí Squirrel Eiserloh ṣàlàyé ní ìpàdé GDC ọdún 2016 ni mo ń lò. Nọ́ńbà kan wà tó ń jẹ́ `trauma`, láti 0 dé 1. Lílù kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, ó sì ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A kì í lò ó ní tààrà, ṣe ni a ń fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀:

```
shake = trauma * trauma
offsetX = 12 * shake * noise(t)
```

`noise(t)` ni nọ́ńbà tó ń yí láàárín -1 àti 1. Ẹ̀ṣẹ́ tó fi 0.3 kún `trauma` yóò di 0.09, kò ju bíi píkísẹ́lì 1 lọ. Kùmọ̀ tó fi 0.8 kún un yóò di 0.64, ó súnmọ́ 8. Ẹ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ti ẹ̀ṣẹ́, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí `trauma` kọjá 1, kí ọ̀pá ẹ̀mí má sì bá kámẹ́rà gbọ̀n.

Ibi tí ìdúró ti máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí kùmọ̀ kan bá ba ọ̀tá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ro 9 pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, fírémù 36 ni, géèmù yóò dà bí ẹni tó kú. Èyí tó gùn jù nínú wọn ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá ń lo Unity, tí ẹ sọ `Time.timeScale` di 0, `WaitForSeconds` kò ní parí láéláé, nítorí àkókò tí ó ń kà náà ti dúró. `WaitForSecondsRealtime` ni kí ẹ lò. Bọ́tìnì tí ẹni tó ń gbá a bá tẹ̀ nígbà ìdúró, ẹ pa á mọ́ kí ó ṣiṣẹ́ bí ìdúró bá ti parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ní géèmù kò gbọ́ tòun.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa kámẹ́rà gbígbọ̀n dé 0, kí ẹ sì tún gbá a. Bí kùmọ̀ bá ṣì fúyẹ́, fírémù ìdúró ni kí ẹ fi kún, tàbí kí ẹ tún àwòrán ẹni tó lù ú yà. Ẹ fi bọ́tìnì tí ẹ fi pa á sílẹ̀ nínú ètò géèmù, torí òòyì a máa kọ́ àwọn mìíràn bí ìran bá ń mì.