Ogójì nǹkan lórí àtẹ PESTLE: èwo ni ká mú?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Èkó la ti ń ṣe áàpù tí èèyàn fi ń fowó ránṣẹ́, a sì fẹ́ wọ Gánà. Àtẹ PESTLE tí a kọ, tó ń to ohun tó lè kan iṣẹ́ wa láti ìta sábẹ́ òṣèlú, ọrọ̀-ajé, àwùjọ, ìmọ̀-ẹ̀rọ, òfin àti àyíká, ti di ogójì nǹkan, látorí ìbò títí dé ọ̀gbàrá òjò. Èwo ni ká mú, èwo ni ká jù nù?

Ìdáhùn: Ẹ kọ iye tí ẹ máa jẹ lórí ìfowóránṣẹ́ kan sórí ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò bá lè yí iye yẹn padà, tí kò lè sún ọjọ́ yẹn síwájú, tí kò sì lè dín àwọn tó máa lo áàpù yín kù, ẹ pa á rẹ́. Bóyá ọ̀gbàrá òjò yín ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ì-lẹ́fì dán an wò, ìyẹn owó orí tí Gánà ti gbé lé fífowó ránṣẹ́ lórí fóònù rí, kí wọ́n tó fagi lé e. Ìjọba kéde rẹ̀ nínú ìsúná oṣù kọkànlá 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2022: 1.5% lórí ohun tó bá lé ní 100 sẹ́dì lójúmọ́. Ká sọ pé 1% lẹ̀yin ń gbà. Ẹni tó bá fi 300 sẹ́dì ránṣẹ́ lóòjọ́ á san 3 sẹ́dì fún yín, á tún san 3 sẹ́dì fún ìjọba lórí 200 tó lé. Owó tó ń ná an ti di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi nǹkan kan kún tiyín. Ẹni tó fi 90 sẹ́dì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé owó orí kan wà. Nítorí náà, bí alájàpá ni oníbàárà yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an; bó bá jẹ́ ọmọ tó ń fi owó ọbẹ̀ ránṣẹ́ sílé ni, kò fi bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Ibi tí àtẹ ti ń wú ni pé wọ́n á kọ ì-lẹ́fì sábẹ́ òṣèlú, sábẹ́ ọrọ̀-ajé, sábẹ́ òfin, ohun kan á wá dà bíi mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kọ ọ́, sábẹ́ ẹni tó lè yí i padà. Wọ́n dín in sí 1% ní 2023. Ìbò oṣù kejìlá 2024 gbé ìjọba mìíràn wọlé, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Òṣèlú ni, ìsúná sì ni ẹ máa ṣọ́. Ìdí nìyí tí ìbò fi yẹ kó dúró lórí àtẹ yín. Ẹni tó wọlé nìkan ò tó kọ, ohun tó sọ nípa owó orí ni kí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ló ń sún ọjọ́. Òfin 987 ti ọdún 2019 ní kí ẹ gbà á lọ́wọ́ Báńkì Gánà, kí ọmọ Gánà sì ní ó kéré tán 30% nínú ilé-iṣẹ́ náà. Wíwá alábàáṣepọ̀ tó ṣe é fọkàn tán máa ń pẹ́ ju kíkọ áàpù lọ, torí náà ẹ má gba òṣìṣẹ́ sí Àkrà kí ẹ tó rí i.

Bí ẹ bá sẹ́ ogójì yẹn báyìí, márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa kù. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti iye tó bá dé tí ẹ máa fi yí owó tí ẹ ń gbà padà.