Lẹ́tà mòtífésọ̀n àti ẹ́séè: ìtàn kan náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ lọ ṣe másítàs nínú ìlera àwùjọ, ibi méjì ni mo sì fẹ́ ápúláì sí. Ibì kan ní kí n kọ lẹ́tà mòtífésọ̀n tí kò ní ju ojú ewé méjì lọ, ìkejì ní kí n kọ ẹ́séè nípa ara mi, kó má ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Mo ti kọ ẹyọ kan, mo wá ní kí n kàn yí òkè ẹ̀ padà kí n fi ránṣẹ́ síbi méjèèjì. Ọ̀rẹ́ mi ní mi ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yàtọ̀ nínú wọn gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé èdè ló yàtọ̀, pé ọ̀kan le, ìkejì rọ̀, ká ṣáà ti fi ẹ̀rín díẹ̀ sí ìkejì ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó yàtọ̀ ni ìbéèrè tó wà lọ́kàn ẹni tó fẹ́ kà á.

Ẹni tó ń ka lẹ́tà mòtífésọ̀n, àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ kọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á ti to ohun tí wọ́n ń wá sórí ìwé kan, wọ́n á máa fún èèyàn ní máàkì bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé ẹni yìí mọ ohun tá à ń kọ́ níbí, ṣé ó lágbára ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀, kí ló sì fẹ́ fi ṣe tó bá parí. Ẹni tó ń ka ẹ́séè ní tiẹ̀, máàkì ẹ ti wà níwájú ẹ̀, síífíì ẹ wà níbẹ̀, lẹ́tà táwọn olùkọ́ ẹ kọ nípa ẹ náà wà níbẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ ni kò tíì rí nínú gbogbo bébà yẹn. Ó fẹ́ mọ bó o ṣe ń ronú, pàápàá nígbà tí nǹkan ò bá rí bó o ṣe rò ó.

Jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ arábìnrin kan ṣàlàyé, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, èmi ni mo bá a ka tiẹ̀ lọ́jọ́sí, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe sì sún mọ́ tìẹ. Ilé ìwòsàn kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń tọ́jú rẹ́jísítà àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nínú ọmọ 200, ó rí i pé 60 ò padà wá gba ìkejì, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà nínú rẹ́jísítà o. Inú ń bí i sáwọn ìyá yẹn. Ìgbà tó wá gbé foonu tó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ló tó mọ̀ pé nọ́ńbà 41 nínú wọn kì í ṣe ti ìyá ọmọ, ti bàbá ni, àwọn bàbá ò sì ka tẹ́ẹ̀sì náà sí nǹkan kan. Wọ́n bá fi àyè nọ́ńbà kejì sórí fọ́ọ̀mù, kí ìyá fúnra ẹ̀ sọ ẹni tó máa rí òun ní kíá. Nínú ọmọ 200 tó tẹ̀ lé e, 22 ni ò padà wá.

Ìtàn náà nìyẹn, ó dáa, ó sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe wọnú lẹ́tà ẹ̀ rèé (èdè tí wọ́n bá ní kó o fi kọ ọ́ ni wàá fi kọ tìẹ, ibí yìí ni mo ti sọ ọ́ di Yorùbá):

"Nínú rẹ́jísítà tí mo ń tọ́jú, 60 nínú ọmọ 200 ni kò padà wá gba abẹ́rẹ́ kejì. Mo pe nọ́ńbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé 41 kì í ṣe nọ́ńbà ìyá. A tún fọ́ọ̀mù ṣe, iye náà sì wálẹ̀ sí 22 nínú 200. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé fọ́ọ̀mù ló fà á, torí mi ò ní àwọn tí mo lè fi wọ́n wé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kọ́ọ̀sì yín lórí ètò ìwádìí ń kọ́ nìyẹn, òun ló sì mú mi yan ẹ̀ka yìí."

Wò ó bó ṣe kéré tó. Gbogbo wàhálà yẹn di gbólóhùn mẹ́ta péré, torí ẹ̀rí lásán ló jẹ́ nínú lẹ́tà. Ibi tí agbára lẹ́tà yẹn wà ni "mi ò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀". Àlàfo yẹn ló so iṣẹ́ tó ti ṣe mọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó sì ń fún un ní máàkì á rí i kedere pé ẹni yìí mọ ohun tí òun ò mọ̀, ó sì mọ ibi tó ti lè rí i. Ibẹ̀ gan-an ni lẹ́tà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, wọ́n á sọ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe dáadáa, wọ́n á wá fò ó lọ sí "yunifásítì yín gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé, àwọn olùkọ́ yín sì dáńtọ́", bí ẹni pé àwọn tó ni ilé ò mọ̀ pé ilé àwọn dáa. Tó o bá fẹ́ dán tìẹ wò, pa orúkọ yunifásítì náà rẹ́, fi òmíràn sí i, kó o tún un kà. Tí kò bá sí ohun tó dàrú nínú ẹ̀, o ò tíì kọ lẹ́tà kankan.

Ètò ẹ̀ ò le, ó ṣáà níbi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí: déètì, ẹni tó ò ń kọ ọ́ sí, àkọlé tó dárúkọ kọ́ọ̀sì, ìkíni, ìpínrọ̀ bíi mẹ́rin, lẹ́yìn náà orúkọ ẹ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kó o ti sọ kọ́ọ̀sì tó o fẹ́ àti iṣẹ́ tó ò ń ṣe báyìí, má jẹ́ kí wọ́n máa wá a. Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa sáìnì náà o, àwọn sikọ́láṣíìpù kan bíi EPOS ti DAAD ní Jámánì máa ń ní kó o fọwọ́ ara ẹ buwọ́ lù ú.

Ó wá ku ẹ́séè. Arábìnrin yìí kọ́kọ́ ṣe bó o ṣe fẹ́ ṣe yẹn, ó mú lẹ́tà, ó yọ ìkíni àti déètì kúrò, ó fi "láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran àwọn èèyàn lọ́wọ́" síwájú ẹ̀, ó ní ó di ẹ́séè. Mo kà á tán, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ju ohun tó wà nínú síífíì lọ. Mo wá bi í pé lọ́jọ́ tó pe nọ́ńbà àkọ́kọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín ìtìjú. Ohun tó sọ fún mi ló padà di ìbẹ̀rẹ̀ ẹ́séè:

"Ọkùnrin ló gbé foonu. 'Ọmọ ta?' Mo tún orúkọ ọmọ náà pè. Ó ní, 'Áà, ẹ̀yin lẹ máa ń fi tẹ́ẹ̀sì yẹn ránṣẹ́? Mo rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni, mo máa ń pa á rẹ́ ni.' Mo wo rẹ́jísítà tó wà níwájú mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá ọmọ náà, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀: aláìbìkítà."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni ẹ́séè. Kò sí nínú lẹ́tà, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀, torí ìgbìmọ̀ tó ń wá ẹni tó lè ṣe ìwádìí ò ní mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìtìjú ẹ ṣe. Àmọ́ nínú ẹ́séè, òun ló fi hàn wá pé ẹni yìí dá èèyàn lẹ́jọ́ láìmọ̀dí, ó rí i, ó sì yí padà. Àwọn nọ́ńbà tó mú lẹ́tà lágbára, 60, 41, 22, ẹyọ kan péré ló kù nínú ẹ́séè, a sì fi sápá ìsàlẹ̀, torí tó o bá ti tètè sọ pé gbogbo ẹ̀ yọrí sí rere, ta ló tún fẹ́ kà á lọ?

Ṣọ́ra fún ibì kan ṣá o. Ìtàn kì í ṣe gbogbo ẹ́séè. Ìṣẹ̀lẹ̀ foonu yẹn gba bí ọ̀rọ̀ 200, ìyókù jẹ́ ohun tó rò àti ohun tó ṣe lẹ́yìn ẹ̀: pé ó padà lọ fa ìlà sórí gbogbo "aláìbìkítà" tó ti kọ, pé ó lọ bá akọ̀wé tó ń gba nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyẹn ní "ẹni tó bá ní foonu là ń bi", pé láti ọjọ́ náà, tó bá rí àyè tó ṣófo nínú rẹ́jísítà, ẹni tó kọ rẹ́jísítà ló kọ́kọ́ máa ń bi léèrè. Àwọn kan á fi ọ̀rọ̀ 500 sọ ìtàn tó dùn, ìrònú ò ní ju ìlà méjì lọ. Àwọn míì sì rò pé àfi kó jẹ́ ìtàn ìyà, kí wọ́n ṣáà ti pa ẹni tó ń kà á lẹ́kún. Rárá o. Ìtàn foonu lásán rèé, kò sẹ́ni tó kú nínú ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Ìkíni, déètì àti sáìnì ò sí nínú ẹ́séè, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kó o máa yin ilé ìwé wọn. Fún àwọn tó ń wọ yunifásítì fúngbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ó tiẹ̀ léwu, torí ẹ́séè inú Common App, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ápúláì sí ọ̀pọ̀ ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà (250 sí 650 ọ̀rọ̀ ni), kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ilé ìwé tó bá béèrè fún un. Tó o bá lọ dárúkọ ọ̀kan síbẹ̀, àwọn yòókù á rí i.

Má gbára lé orúkọ tí wọ́n pè é o, ohun tí wọ́n ní kó o dáhùn ni kó o kà. UCAS, àjọ tí wọ́n ń gbà ápúláì sí yunifásítì ní UK, ń pe tiwọn ní ìwé nípa ara ẹni, àmọ́ láti àwọn tó ń wọlé ní 2026, ó ti di ìbéèrè mẹ́ta: kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ọ̀sì yìí, báwo ni ẹ̀kọ́ ẹ ṣe múra ẹ sílẹ̀ fún un, kí lo tún ti ṣe níta ilé ìwé. Lójú tèmi, lẹ́tà mòtífésọ̀n tó wọ aṣọ ẹ́séè nìyẹn.

Torí náà, má sọ èyí tó o ti kọ nù. Tẹ̀ ẹ́ jáde, mú bírò aláwọ̀ méjì. Gbólóhùn tó bá sọ ohun tó o ṣe, ohun tí o ò tíì mọ̀ àti ohun tó o fẹ́ lọ kọ́, fa àwọ̀ kan sábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà ló ni ín. Ibi tó o bá ti sọ ohun tó o rò tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wá yí padà, fa àwọ̀ kejì, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ẹ́séè lákọ̀tun, lórí bébà míì. Kò burú tí ìtàn kan náà bá wà nínú méjèèjì, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sáà ni wọ́n ń lọ. Èyí tí kò bá gba àwọ̀ kankan, yọ ọ́ kúrò nínú méjèèjì.