Páálí mílíìkì kan tí ìwé ní ó ṣẹ́kù

"Mo fẹ́ kọ kóòdù tí yóò máa ka ọjà ṣọ́ọ̀bù bàbá mi nínú Google Sheets. Kí ni mo máa ṣe tí yóò fi máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lálaalẹ́?"

Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, páálí la fi ń ra mílíìkì alágolo, agolo 12 nínú páálí kan. Lọ́kọ̀ọ̀kan làwọn oníbàárà ń rà á. Mo wá ní kí kóòdù máa sọ gbogbo ohun tí a bá tà di páálí, kó má sì kọ ju nọ́ńbà méjì lọ lẹ́yìn pọ́íǹtì, kí ìwé lè mọ́ lójú:

```
var paali = Math.round(agolo / 12 * 100) / 100;
```

Ìlà yẹn ló kó wa sí wàhálà. Tí o bá fi 12 pín 1, 0.08333 ni, 3 yẹn ò sì lópin. Kóòdù mi á kọ 0.08, á da ìyókù nù. Ohun tó ń dà nù ò tó nǹkan, àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá tà ló ń dà á nù. A ra páálí 25, a ta agolo 300 tó wà nínú rẹ̀ tán. 0.08 lọ́nà 300 jẹ́ 24. Ìwé ní páálí kan ṣì kù, pẹpẹ sì ṣófo.

Bàbá mi ní kí ọmọbìnrin tó ń bá wa tajà da báàgì rẹ̀ sórí káńtà. Ìyarun ló jábọ́, àti owó ọkọ̀ tó dì sínú nọ́lọ́nù. Ó ń sunkún, èmi sì dúró tì í, mo ń fi fóònù han bàbá mi pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Kò padà wá mọ́. A lọ bẹ̀bẹ̀ nílé wọn nígbà tó yá. Màmá rẹ̀ gbà, òun alára ò gbà.

A tún sanwó fún ọ̀gá kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà. Kò wo kóòdù rárá, ó kàn tẹ bọ́tìnnì tó ń fi nọ́ńbà kún ẹ̀yìn pọ́íǹtì, 0.08 di 0.0800, ó gbowó lọ. Bí nọ́ńbà ṣe ń hàn nìkan ni bọ́tìnnì yẹn ń yí, kò lè dá ohun tí kóòdù ti gé padà. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Tòmátò alágolo ló là mí lójú. Ìdajì páálí la máa ń tà á, 6 nínú 12, 0.5 géérégé, ìwé rẹ̀ kò sì yẹ̀ rí. Tí o bá rí i pé ọjà tí ẹ ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ nìkan ni ìwé rẹ̀ ń yẹ̀, má wá olè kiri. Agolo ni kí o máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe páálí. Tí bàbá bá fẹ́ rí páálí, ṣe é síbi tí wọ́n á ti wò ó nìkan, páálí lákọ̀ọ́kọ́, agolo tó ṣẹ́kù tẹ̀lé e. B2 ni ibi tí iye agolo wà:

```
=INT(B2/12)
=MOD(B2,12)
```

Ṣúgà tí ẹ ń wọ̀n ńkọ́? Gíráàmù ni kí o kọ, má kọ kílò. Kí o sì fi ọwọ́ ka gbogbo ọjà lẹ́ẹ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀, àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti alaalẹ́, Triggers ni kí o ṣí nínú Apps Script, ibi tí a ti ń kọ kóòdù Sheets, kí o yan aago. Kò le.