Ẹ wo ihò ara túùbù kí ẹ tó ra táyà

“Ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́, láti Agége sí Ìkẹjà. Táyà mi, 28 mílímítà ni, kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó jò. Ṣé kí n máa pọ́ǹpù rẹ̀ kó le dáadáa ni, àbí kí n ra èyí tó fẹ̀, àbí èyí tí wọ́n ní ìṣó kì í gún?”

Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ó di ọdún mẹ́rin tí èmi náà ti ń gun ọ̀nà yẹn. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yọ túùbù tó jò kẹ́yìn, kí ẹ wo irú ihò tó wà lára rẹ̀, torí ihò yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa ra. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, owó tí mo ná sófo kò kéré.

Táyà 28 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 60 PSI ni mo sì máa ń pọ́ǹpù rẹ̀ dé lórí géèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi bo kòtò kan, mo ṣe bí omi lásán ni. Ẹsẹ̀ iwájú já sínú rẹ̀, mo gbọ́ “gbà!”, kí n sì tó rìn jìnnà, táyà ti rọ̀ pátápátá. Nígbà tí mo tú u, ihò méjì ni mo bá lára túùbù, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Kò sí ìṣó, kò sí àfọ́kù ìgò. Afẹ́fẹ́ inú táyà ni kò tó: etí kòtò ti táyà wọlé títí ó fi kan rímù, túùbù sì há sí àárín àwọn méjèèjì.

Ni mo bá ń pọ́ǹpù rẹ̀ dé 100. Lóòótọ́, ihò oníméjì yẹn dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi a máa kú tipiri kí n tó dé Ìkẹjà, sípóòkù méjì já lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, táyà ò sì yé jò. Ihò kan ṣoṣo ni mo wá ń rí báyìí, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, apá tó kọjú sí ọ̀dà ló sì máa ń wà.

Wáyà ló ń fa ìyẹn. Àwọn wáyà irin wà nínú táyà tírélà àti táyà ọkọ̀ ńlá. Bí táyà náà bá já lójú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n dáná sun ún, rọ́bà á lọ, wáyà á kù, òjò á sì gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi tí àwa oníkẹ̀kẹ́ ń gbà. Kì í gún táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yí ló ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gúnlẹ̀ sílé láyọ̀, kí ẹ wá bá táyà lórí ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tí mo ti pàdánù jù nìyí: wọ́n á bá mi pa túùbù, wáyà ṣì wà nínú táyà, á tún gún un lọ́la. Torí náà, kí ẹ tó yọ táyà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára rẹ̀ níbi tó kọjú sí fáàfù. Bí ẹ bá ti rí ihò lára túùbù, ẹ tẹ́ ẹ sórí táyà kí fáàfù bá àmì yẹn mu, ẹ ó mọ ibi tí wáyà wà gan-an. Ẹ fi òwú nu inú táyà níbẹ̀, òwú á há mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ká táyà náà sóde kí ojú ibẹ̀ là, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré fà á yọ. Èyí tí mo yọ kẹ́yìn kò gùn tó ìdajì èékánná mi.

(Bó bá jẹ́ apá tó kọjú sí rímù ni ihò wà, orí sípóòkù ló ń gún un. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó bo inú rímù, kò nílò táyà tuntun.)

Bó bá wá jẹ́ ihò méjì ni ẹ rí, táyà tó fẹ̀ ni ìdáhùn. Bí táyà ṣe fẹ̀ ló ṣe ga, torí náà àyè púpọ̀ wà láàárín etí kòtò àti rímù, ẹ ò sì ní í pọ́ǹpù rẹ̀ le bí òkúta. Èmi bọ́ sí 37. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 28-622. Èyí àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀, ìkejì ni ìwọ̀n rímù, ìkejì yẹn ò gbọdọ̀ yí padà: 37-622 á wọ̀ ọ́, 37-590 kò ní wọ̀ ọ́ láéláé. Ẹ sì wo àyè tó wà láàárín fọ́ọ̀kì. Bí táyà tuntun bá wọlé, ó yẹ kó ku bíi mílímítà 6 lọ́tùn-ún àti lósì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ á há síbẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn láti etí rímù dé ìsàlẹ̀ táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ gun orí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì yín, ẹ fara ti ògiri, kí ẹlòmíràn wọn láti etí rímù dé ilẹ̀. Ìyàtọ̀ tó dára jẹ́ bíi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún gíga táyà. Fún 37, ìyẹn jẹ́ mílímítà 5 sí 6. Bó bá tó 8, afẹ́fẹ́ kò tó. Bó bá jẹ́ 3, ó ti le jù. Èmi wọn kílò 82, báàgì mi wọn 6, ó sì já sí 60 lẹ́yìn, 45 níwájú, torí ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù jù. Kí ẹ sì rí i pé kò kọjá nọ́ńbà tó ga jù tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà PSI lára táyà.

Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ bá yín pọ́ǹpù rẹ̀ láìṣọ́ ọ. Túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń bẹ́. Tèmi bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Bó bá jẹ́ wáyà ni, fífẹ̀ nìkan ò ran yín lọ́wọ́. Ẹ wá táyà tó ní rọ́bà ààbò nípọn lábẹ́ ojú tó ń kan ilẹ̀. Mílímítà 5 ni ti èyí tí mo lò. Ó wúwo, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá ń gun afárá, ó sì le láti gbé wọ rímù. Kò sì gba ẹ̀gbẹ́ táyà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgò, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ihò oníméjì dúró bí afẹ́fẹ́ kò bá tó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni mo fi sí, torí ibẹ̀ ni wáyà ti ń gún mi jù. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti jò láàárín oṣù mẹ́rìnlá.

Ẹ lọ wo túùbù yẹn, kí ẹ wá sọ irú ihò tí ẹ bá lára rẹ̀ àti iye tí ẹ ń wọ̀n fún wa níbí, ká lè jọ ṣírò tiyín.